Aago ọwọ́ tó ń dá lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ìdí tí kóòdù QR fi kọ̀, àti bí í-síìmù ṣe ń wọ inú aago

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni mò ń gbé. Mo ra Apple Watch àlòkù kan tí wọ́n ní ó lè dá lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí n lè máa fi fóònù sílẹ̀ nílé tí mo bá ń sáré láàárọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń lo síìmù wọn fi kóòdù QR kan ránṣẹ́ sí mi pé í-síìmù nìyẹn, àmọ́ mi ò rí ibi tí aago ti lè gbà á. Ṣé aago náà ló bàjẹ́ ni? Tó bá sì ṣiṣẹ́, ṣé nọ́ńbà mi náà ni yóò máa dún lórí rẹ̀, ṣé yóò sì ṣiṣẹ́ tí mo bá lọ sí Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá?

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ kóòdù yẹn nìkan ni aago yín kọ̀, kò sí ohun tó fi hàn pé ó bàjẹ́. Ti fóònù ni kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Wọ́n ṣe é fún ẹni tó fẹ́ fi í-síìmù rọ́pò káàdì oníke inú fóònù rẹ̀, ọ̀nà tí Apple Watch fi ń gba ìlà sì yàtọ̀ sí èyí. Inú áàpù Watch tó wà lórí iPhone ni ètò ti aago ti ń bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn ló sì gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀nà fún un láti ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ilé-iṣẹ́ yín ń gba aago sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn rárá. Àwọn tí kì í gbà á kò kéré, àgàgà àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń yá nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ńláńlá lò, tí wọ́n sì ń tà á fún wa ní owó pọ́ọ́kú.

Kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé irú aago tó lè dá lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n tà fún yín, nítorí pé ọjà àlòkù ni ẹ rà. Apple ń ṣe èyí tó ní GPS nìkan, ó sì ń ṣe èyí tí wọ́n kọ GPS + Cellular sí ara páálí rẹ̀. Láti orí Series 3, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ni irú kejì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àmì pupa lórí kọ́ńdọ́ kékeré tí a máa ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ṣùgbọ́n àmì yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ ṣí Settings lórí aago fúnra rẹ̀, ẹ tẹ General, ẹ tẹ About, kí ẹ sì yí i lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí IMEI àti EID níbẹ̀, irú tí ẹ fẹ́ gan-an ni ẹ rà. EID ni nọ́ńbà tí a fi ń dá ṣíìpù í-síìmù mọ̀, díjíìtì 32 ni. Aago tí kò bá ní in kò ní í-síìmù, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lè fi í-síìmù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tà á.

Ìdí tí mo fi sọ pé kò sí ẹni tó lè fi í sínú rẹ̀ ni pé í-síìmù kì í ṣe ohun tí a ń kì bọ inú ẹ̀rọ. Ṣíìpù rẹ̀ ti wà lára pátákó inú aago láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, kò sì ní nọ́ńbà kankan nínú nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ olówó rẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi ránṣẹ́ sí i ni fáìlì kékeré kan tí a ń pè ní pùrófáìlì. Inú fáìlì yìí ni orúkọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi mọ ìlà náà wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ìlà náà fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ wọlé. Ohun kan náà ló wà nínú káàdì oníke tí gbogbo wa mọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èyí ń gbà wọlé. Kóòdù QR tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kò gbé pùrófáìlì náà sínú rárá. Bí a bá tú u, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìlà kan tó dà báyìí lọ:

```
LPA:1$smdp.example.com$ABCD-1234-EFGH
```

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì dọ́là méjèèjì ni àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú pùrófáìlì, èyí tó sì gbẹ̀yìn ni àmì tí ẹ̀rọ yóò fi béèrè pùrófáìlì tiyín pàtó. Àwòkọ lásán ni èyí tí mo kọ sókè yìí o. Tiyín yóò ní àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ má fi kóòdù náà han ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun bá yín tún un ṣe, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ yà á lè gbé ìlà yín sórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ẹ má sì fi fóònù yín yà á láti dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bí fóònù bá sì ti gbà á tán, káàdì oníke tí ẹ ń lò lè kú lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ẹ kò tíì ṣetán.

Ó kù kí a mọ ìdí tí wọn kò kàn fi ṣe irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fún aago. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gbà kí ìlà kan ṣoṣo wà lórí ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá da pùrófáìlì fóònù yín kọ sínú aago, ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa lé èkejì jáde. Nítorí èyí, ìlà ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún aago, pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín lè má rí láéláé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá so ìlà méjèèjì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn: bí ẹnikẹ́ni bá pe nọ́ńbà yín, fóònù àti aago yóò jọ dún; bí ẹ bá sì fi aago pe ènìyàn, nọ́ńbà tí gbogbo ayé fi mọ̀ yín ni yóò hàn lójú fóònù onítọ̀hún. OneNumber ni Vodafone ń pe ètò yìí, AT&T ní Amẹ́ríkà sì ń pè é ní NumberSync. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, nọ́ńbà yín náà ni yóò máa dún. Síso ìlà pọ̀ yìí gan-an ni kóòdù QR lásán kò lè ṣe, òun náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké kò ní, nítorí pé ó gba kí wọ́n kọ́ ètò kan tí fóònù lè bá sọ̀rọ̀, kí fóònù béèrè bóyá oníbàárà yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti fi aago kún ìlà rẹ̀, kí ètò náà sì dá a lóhùn.

Bí ilé-iṣẹ́ bá ní ètò náà, iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba sọ́fítíwíà tuntun sórí iPhone àti aago. Ẹ gbé aago sórí ṣájà, kí fóònù sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹ ṣí áàpù Watch lórí fóònù, ẹ tẹ My Watch, ẹ tẹ Cellular, lẹ́yìn náà ẹ tẹ Set Up Cellular. Ojú ewé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni yóò ṣí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín, tí ẹ ó sì gbà láti máa san owó oṣù ti aago. Ní àkókò yìí ni fóònù ń fún ilé-iṣẹ́ ní EID àti IMEI aago láìjẹ́ pé ẹ tẹ díjíìtì kan, ilé-iṣẹ́ á ṣe pùrófáìlì tó jẹ́ pé ṣíìpù tó ní EID yẹn nìkan ló lè ṣí i, aago á sì gbà á wọlé. Nígbà mìíràn ó ń yá. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i tó ń yí fún ìgbà díẹ̀ kó tó parí. Bí ẹ bá ní ìlà méjì lórí fóònù, ẹ ṣọ́ra kí ó lè jẹ́ ìlà tí ẹ fẹ́ kí aago máa lò ni ẹ yàn.

Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ ni ìlà fóònù àti ti aago. Ẹ kò lè fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú yẹn, kí ẹ wá ra ti aago nìkan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí tiyín kò bá gba aago, ẹ ní láti kó nọ́ńbà yín lọ sí ilé-iṣẹ́ tó gbà á, tàbí kí ẹ máa lo aago láìní ìlà. Nígbà tí ẹ bá sì ń bá ilé-iṣẹ́ tuntun sọ̀rọ̀, ẹ má kàn béèrè bóyá wọ́n ní í-síìmù, nítorí pé wọ́n á dáhùn pé àwọn ní in, ti fóònù ni wọn yóò sì ní lọ́kàn. Ẹ bi wọ́n pé: "Ṣé irú ìlà tí mo fẹ́ rà yìí gba Apple Watch pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà?" Irú ìlà náà ṣe pàtàkì, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè gba aago fún àwọn tó ń san owó lóṣooṣù, kí wọ́n má sì gbà á fún àwọn tó ń ra káàdì tàbí àwọn tí ibi iṣẹ́ wọn ń san owó ìlà fún. Owó ọ̀tọ̀ ni ti aago jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ó máa ń tó bí dọ́là 10 lóṣù kí wọ́n tó fi owó orí kún un.

Bí ètò bá ti parí, ẹ má gbà pé ó ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi dán an wò. Aago kì í lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ nígbà tí fóònù bá wà nítòsí. Búlútùùtù ló kọ́kọ́ ń lò, bí kò bá sí, ó wá Wáí-fáí tó mọ̀, ìgbà tí méjèèjì kò bá sí ni ó tó tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí bátìrì lè pẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń dán aago wò nínú pálọ̀ pẹ̀lú fóònù lápò kò dán ohunkóhun wò. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé, kí ó wà ní títàn, kí ẹ sì rìn jáde títí ẹ ó fi kúrò níbi tí Wáí-fáí ilé yín dé. Ẹ ṣí ibi tí àwọn bọ́tìnnì kéékèèké wà lórí aago, ẹ wo bọ́tìnnì tó ní àwòrán òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ó bá funfun, ìlà wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni aago ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí ó bá di àwọ̀ ewé, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ dán dátà wò nípa ṣíṣí ojú ọjọ́ tàbí máàpù, kí ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ sì ní kí onítọ̀hún pè yín padà.

Mo ní kí ẹ ṣe ìpè lọ àti ìpè bọ̀ nítorí àṣìṣe kan tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Obìnrin kan láti Peckham gbé aago rẹ̀ wá bá mi pé ó ń ṣe ségesège. Bọ́tìnnì náà wà ní àwọ̀ ewé, ojú ọjọ́ sì ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é, fóònù tó fi sílẹ̀ nílé nìkan ló ń dún. Nígbà tí òun náà fi aago pe àbúrò rẹ̀, nọ́ńbà kan tí àbúrò kò mọ̀ rí ló hàn, kò sì gbé e. Ẹ rí i pé àmì méjèèjì tọ́ka sí ibì kan náà: pùrófáìlì ti wọlé, dátà ń lọ, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò tíì so nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ aago mọ́ nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù ní ilé-iṣẹ́ náà ní kí ó nu gbogbo ohun tó wà lórí aago kí ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àbùkù náà kò sí lórí aago, nínúnù yóò sì kàn pa í-síìmù tó ti ń ṣiṣẹ́ ni. A tún pè wọ́n, a ní kí wọ́n tún so nọ́ńbà aago mọ́ ìlà àkọ́kọ́ fún ìpè. Wọ́n ṣe é, ó pa aago, ó tàn án padà, ìpè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ fún wọn nìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta aago kì í sábà sọ. Bí fóònù yín bá kú pátápátá nílé, ìpè yóò ṣì máa wọlé sórí aago, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, èyí tí báńkì fi ń fi kóòdù ránṣẹ́, kò ní wọlé. Fóònù ló ń gbà wọ́n tó ń ti wọ́n ránṣẹ́ sí aago, ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ áàpù mìíràn sì ń gba ọ̀nà kan náà. Kò pọn dandan kí fóònù wà nítòsí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí ó sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí Wáí-fáí. Nítorí náà, ẹ fi fóònù sórí ṣájà kí ẹ tó jáde sáré.

Ní ti bátìrì, ìpè gígùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì aago ló ń jẹ ẹ́ jù. Fún Series 6, wákàtí kan ààbọ̀ ni Apple fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ fún ìpè láìdáwọ́dúró, nígbà tí ìlò gbogbo ọjọ́ jẹ́ wákàtí 18. Àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀. Ẹ kọ orin tí ẹ fẹ́ gbọ́ sínú aago láti ilé, dípò kí ẹ máa fà á láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹ ti ń sáré. Bátìrì yóò pẹ́, dátà yóò sì ṣẹ́kù. Ibi tí mo ní kí ẹ tẹ Cellular lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ti lè rí iye dátà tí áàpù kọ̀ọ̀kan ti jẹ, kí ẹ sì pa èyí tí ẹ kò bá fẹ́.

Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ọ̀tọ̀ ni ẹ fẹ́ fún aago, bóyá fún ọmọ tàbí òbí tí kò ní iPhone, Apple ní ètò fún èyí láti ọdún 2020. Fóònù tiyín ni ẹ ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n nọ́ńbà aago yóò dá dúró fúnra rẹ̀. Kò wúlò fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, nítorí pé àwọn tó mọ nọ́ńbà yín kò ní rí yín lórí rẹ̀.

Ní ti Ìbàdàn, láti Series 5 lọ sókè, pẹ̀lú sọ́fítíwíà aago watchOS 9.1 tàbí èyí tó tún tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni Apple Watch ti lè lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìlú òkèèrè. Bí tiyín bá jẹ́ Series 3 tàbí 4, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé-iṣẹ́ yín ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣì gbọ́dọ̀ gba aago láàyè láti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Pé wọ́n gba fóònù láàyè níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n gba aago. Ẹ bi wọ́n nípa aago ní pàtó, ẹ sì béèrè iye tí wọn yóò gbà, kí ẹ tó tan Data Roaming. Ohun tí èmi yóò ṣe bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin ni pé n ó pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì aago ní ọjọ́ tí mo bá wọ bàálù, n ó fi síìmù Nàìjíríà sínú fóònù bí mo bá dé, n ó sì jẹ́ kí aago máa gba Búlútùùtù fóònù ṣiṣẹ́. Ìpè tó bá wọ síìmù Nàìjíríà náà yóò dún lọ́wọ́ yín, níwọ̀n ìgbà tí fóònù bá wà nítòsí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ta aago náà lọ́jọ́ kan, nígbà tí ẹ bá ń já a kúrò lára fóònù, áàpù Watch yóò bi yín bóyá kí ìlà náà wà níbẹ̀ tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Ẹ ní kí ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n yíyọ pùrófáìlì kúrò lórí aago kò dá owó oṣù dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ pe ilé-iṣẹ́, kí wọ́n pa ìlà aago náà lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì yẹ ìwé owó oṣù tó tẹ̀ lé e wò bóyá orúkọ aago ṣì wà níbẹ̀.